Kí owó tò lórí àtẹ bí ó ṣe ń tò nínú léjà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí mọ léjà dáadáa. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, tí wọ́n ti fa ìlà sí láti ilé ìtẹ̀wé wá. Nígbà tí a ń ná pọ́n-ùn, òpó mẹ́ta ni a ń kọ owó sí nínú rẹ̀: pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńsì. Nígbà tí náírà gba ipò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, òpó méjì tó, ọ̀kan fún náírà, èkejì fún kọ́bọ̀. Ìlà tó wà láàárín òpó méjèèjì ló ń sọ ibi tí nọ́ńbà yóò parí sí fún akápò. Bí ojú ìwé bá kún, á ro owó rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀, á gbé e lọ sí ojú ìwé tó kàn, á sì tún àkọlé òpó kọ sókè ibẹ̀, kí ẹni tó bá ṣí i má baà máa béèrè pé kí ni nọ́ńbà wọ̀nyí.

Iṣẹ́ kan náà ni àtẹ ìṣúná inú kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìwé léjà ti ní ìlà kí a tó rà á, ṣùgbọ́n Microsoft Word kò mọ̀ pé owó ni à ń kọ. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni 441,000.00, bí “símẹ́ńtì” ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀. Àwa la máa sọ fún un ibi tí kọ́bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìlà tó jẹ́ àkọlé, àti ibi tí kò gbọdọ̀ gé. Bí a kò bá sọ fún un, tí a kàn ń fi àlàfo tì í síwá sẹ́yìn, yóò dára lójú kọ̀ǹpútà lónìí, yóò sì dàrú bí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan fẹ́ tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Ìlà 46 ni àtẹ ìṣúná wọn ní: ìlà kìíní ni àkọlé, ìlà 2 dé 45 ni àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ rà àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ sanwó fún, ìlà 46 sì ni àpapọ̀. Òpó márùn-ún ló ní: nọ́ńbà, ohun tí a fẹ́ rà, iye rẹ̀, owó ẹyọ kan, àti àròpọ̀. Kò lè gba ojú ìwé kan ṣoṣo.

Bébà ni kí a kọ́kọ́ mú, torí pé òun ló ń pinnu bí òpó yóò ṣe fẹ̀ tó. Bébà A4 tí à ń lò ní Nàìjíríà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì ga tó 29.7. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò fún Amẹ́ríkà máa ń gbé bébà `Letter` wá, èyí tó fẹ̀ ju A4 lọ díẹ̀, tó sì kúrú sí i. Bí a bá to àtẹ sórí `Letter`, tí a wá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí A4, ibi tí ojú ìwé ti ń gé lè yí padà. Nítorí náà, ẹ lọ sí `Layout`, ẹ tẹ `Size`, kí ẹ sì mú `A4`. Bí etí òsì àti ọ̀tún bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54 lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 15.9 ló ṣẹ́ kù fún àtẹ. Ẹ lè pín in báyìí: 1 fún nọ́ńbà, 6.4 fún orúkọ ohun tí a fẹ́ rà, 2.1 fún iye, àti 3.2 fún òpó owó kọ̀ọ̀kan.

Òpó wọ̀nyí kò ní dúró sójú kan bí ẹ kò bá dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ inú àtẹ, `Layout` mìíràn máa ń yọ lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Table Design`. Níbẹ̀ ni `Properties` wà. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ `Options`, kí ẹ sì mú àmì kúrò lójú `Automatically resize to fit contents`. Láìṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ gígùn kan ṣoṣo lè ti òpó owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó wá ku owó fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ àlàfo léraléra títí nọ́ńbà yóò fi dà bí ẹni pé ó tò. Ẹ má ṣe é. Bí a bá yí ìrísí lẹ́tà tàbí ìtóbi rẹ̀ padà, fífẹ̀ àlàfo náà yóò yí, gbogbo owó yóò sì tú ká. Àwọn mìíràn máa ń ti nọ́ńbà sí apá ọ̀tún pẹ̀lú `Align Right`. Ìyẹn sàn jù, ó sì tó bí gbogbo owó bá ní nọ́ńbà kọ́bọ̀ méjì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ 65,000 láìfi kọ́bọ̀ sí i, òdo ìkẹyìn rẹ̀ yóò bọ́ sábẹ́ kọ́bọ̀ àwọn yòókù, ẹgbẹ̀rún kò sì ní wà lábẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ìlà léjà gan-an ni ohun tí Word ń pè ní `Decimal Tab`. Ẹ lọ sí `View`, ẹ fi àmì sójú `Ruler` kí rúlà lè yọ. Ẹ yan àpótí inú òpó àròpọ̀ láti ìlà 2 dé 46, ẹ má fi àkọlé kún un. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `Ctrl+L` kí nọ́ńbà wá sí apá òsì, torí pé nọ́ńbà tí a ti tì sí ọ̀tún tàbí sí àárín kò ní tẹ̀ lé àmì náà bó ṣe yẹ. Ní ìpẹ̀kun òsì rúlà, àpótí kékeré kan wà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi rí àmì tó dà bí lẹ́tà T tí a dorí rẹ̀ kodò, tó ní àmì ìdánudúró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú rúlà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.2 sí etí òsì òpó náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, owó yóò tò báyìí:

```
1,530,000.00
  441,000.00
   33,006.00
   65,000
```

Ìlà kìíní ni páànù 180 ní 8,500 náírà. Ìkejì, àpò símẹ́ńtì 45 ní 9,800. Ìkẹta, páálí ìṣó 12 ní 2,750.50, ìkẹrin, owó ọkọ̀. Iye owó àpẹẹrẹ ni wọ́n, kì í ṣe iye ọjà. Ẹ wò ó bí 65,000 tí kò ní kọ́bọ̀ ṣe dúró síbi tó yẹ ẹ́. Ibí yìí ni èrè ìtòlẹ́sẹẹsẹ wà: ojú lè yẹ owó wò kí ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì tẹ 4,410,000.00 fún símẹ́ńtì, nọ́ńbà náà yóò gùn dé abẹ́ mílíọ̀nù páànù, ẹni tó bá wò ó yóò sì béèrè lójú ẹsẹ̀ pé ìgbà wo ni símẹ́ńtì wọ́n ju páànù lọ. Nínú àtẹ tí kò tò, òdo kan yẹn lè dé ìpàdé láìsí ẹni tó rí i.

Bí ẹ bá fi àmì náà sún mọ́ etí òsì jù, nọ́ńbà tó gùn kò ní rí àyè. Ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ láti etí àpótí, ibi tí kọ́bọ̀ rẹ̀ sì wà yọ sí ọ̀tún ju tàwọn yòókù lọ. Ẹ kàn fa àmì náà sí ọ̀tún díẹ̀ lórí rúlà. Àmì náírà kò sì yẹ kó wà níwájú gbogbo nọ́ńbà. Àkọlé òpó ni ipò rẹ̀. Bí kò bá sí lójú bọ́tìnì yín, ẹ tẹ `20A6`, kí ẹ sì tẹ `Alt+X` tẹ̀ lé e. Yóò di ₦.

Fún àpapọ̀, Word lè bá wa rò ó. Ẹ wọ àpótí ìsàlẹ̀ òpó karùn-ún, ẹ tẹ `Formula` nínú `Layout` àtẹ, ẹ kọ èyí, kí ẹ sì kọ `#,##0.00` sí `Number format`:

```
=SUM(E2:E45)
```

Word fúnra rẹ̀ sábà máa ń dábàá `=SUM(ABOVE)`. Ẹ ṣọ́ra fún un: bí ọdún bá wà nínú àkọlé, bíi “Ìṣúná 2026”, ó lè ka 2026 mọ́ owó. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí a dárúkọ ìlà 2 dé 45 gan-an. Ohun kejì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yí owó ìṣó padà, àpapọ̀ kò ní yí fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ `Ctrl+A` kí ẹ sì tẹ `F9`. Àpapọ̀ àtijọ́ lábẹ́ owó tuntun ti tó láti sọ akápò olóòótọ́ di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Nísinsìnyí, ojú ìwé kejì. Ẹ yan ìlà àkọlé, kí ẹ sì tẹ `Repeat Header Rows` nínú `Layout` àtẹ. Àkọlé yóò máa yọ lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì tún un ṣe lójú ìwé kìíní, yóò yí níbi gbogbo. Bí kò bá yọ, ohun méjì ló sábà ń fà á. Èkínní, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi `Ctrl+Enter` gé àtẹ sí méjì. Ẹ pa gígé náà rẹ́. Èkejì, ó lè jẹ́ pé `Text wrapping` wà lórí `Around` nínú `Properties`. Ẹ dá a padà sí `None`. Ẹ má fọwọ́ tún àkọlé tẹ̀ sí àárín àtẹ. Bí ìlà kan bá wọlé lókè, àkọlé àfọwọ́tẹ̀ yẹn yóò sún wá sí àárín ojú ìwé.

Ìlà kan tún lè pín sí méjì, kí orúkọ ohun tí a fẹ́ rà bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé kìíní, kí ìyókù rẹ̀ wà ní ìkejì. Ẹ yan gbogbo àtẹ, ẹ ṣí `Properties`, ẹ lọ sí `Row`, kí ẹ sì mú àmì kúrò lójú `Allow row to break across pages`. Kí àpapọ̀ má sì dá nìkan wà lójú ìwé ìkẹyìn, ẹ yan ìlà 43 dé 45, ẹ ṣí `Paragraph`, ẹ lọ sí `Line and Page Breaks`, kí ẹ sì fi àmì sí `Keep with next`. Bí àyè kò bá gba àpapọ̀, àwọn ìlà mẹ́ta yìí yóò bá a lọ. Nínú LibreOffice Writer, ojú `Text Flow` nínú `Table Properties` ni `Repeat heading` àti ìdènà pípín ìlà wà.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ tẹ `Ctrl+P`, kí ẹ sì wo ojú ìwé kejì bí ẹni tí kò rí ìkínní rí. Ṣé àkọlé wà lókè rẹ̀? Ṣé òdo wà lábẹ́ òdo? Ṣé àpapọ̀ bá owó tó wà lókè mu? Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ padà lọ tún un ṣe. Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, owó ọlọ́wọ́ ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má gbé ìṣúná tí ojú kò lè yẹ̀ wò lọ síwájú àwọn tó ń dáwó náà.