Àwòrán Ẹgbẹ́ Tí Kò Sí Ẹni Tí Ó Dijú Nínú Rẹ̀

Nígbà tí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ akọrin bá péjọ láti ya àwòrán, ó ṣọ̀wọ́n kí ojú gbogbo wọn là lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rín sì wà ní ẹnu gbogbo wọn. Bí ọ̀kan ti ń rẹ́rìn-ín ni èkejì ń ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá sì túká, àgbà tí ó jókòó láàrin lè má sí mọ́ nígbà tí wọn yóò tún péjọ. Nítorí èyí ni ayàwòrán fi ń ya àwòrán púpọ̀ tẹ̀ léra, tí ó sì ń mú ojú tí ó dára jù lọ láti inú wọn, tí ó ń so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

Àwòrán mélòó ni ó tó? Ní ọdún 2006, Nic Svenson àti Piers Barnes ti ilẹ̀ Ọsirélíà gba ẹ̀bùn Ig Nobel, èyí tí a ń fún ìwádìí tí ń pani lẹ́rìn-ín tí ó sì ń múni ronú, nítorí ìṣirò wọn lórí ọ̀ràn yìí. Bí àwọn tí a ń yà kò bá tó 20, kí ayàwòrán fi 3 pín iye wọn bí ìmọ́lẹ̀ bá dára, tàbí kí ó fi 2 pín in bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Iye tí ó bá jáde ni iye àwòrán tí yóò yà, kí ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò sí ẹni tí ó dijú nínú ọ̀kan, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò ka ẹ̀rín mọ́ ọn, ó sì lè kùnà. Níbẹ̀ ni síso àwòrán pọ̀ ti wúlò.

Kí ayàwòrán gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó má sì yí ìmọ́lẹ̀ tàbí ìjìnnà rẹ̀ padà títí yóò fi parí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò ní àyè rẹ̀. Kí ó yà wọ́n kíákíá, nítorí bí ìkùukùu bá bo oòrùn láàrin àwòrán méjì, àwọ̀ ojú kò ní bá ara mu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ akọrin tí ó jẹ́ ènìyàn 12, tí wọ́n dúró ní ìmọ́lẹ̀ tí ó dára. Àwòrán 4 ni a yà. Èkejì ni ó dára jù, nítorí ènìyàn 10 ni ojú àti ẹ̀rín wọn pé nínú rẹ̀. Òun ni yóò jẹ́ ìpìlẹ̀. Obìnrin kan ní ìlà ẹ̀yìn dijú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là nínú ẹ̀kẹrin. Ọmọdé kan níwájú wo ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nínú èkíní.

Nínú Photoshop orí kọ̀ǹpútà, a ó kó àwòrán wọ̀nyí lé ara wọn bí ìpele, a ó fi èkejì sí ìsàlẹ̀ pátápátá. A ó yan gbogbo ìpele, a ó sì lo `Edit > Auto-Align Layers` kí wọ́n lè bá ara wọn mu. A ó pa ẹ̀kẹta mọ́ kúrò lójú, nítorí a kò nílò rẹ̀. Fún ẹ̀kẹrin, a ó lo `Layer > Layer Mask > Hide All`, èyí tí yóò fi ìbòjú dúdú bò ó. Bí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tí etí rẹ̀ rọ̀ kun ibi tí orí obìnrin náà wà, ibẹ̀ nìkan ni yóò hàn. Bí a bá kun rékọjá, dúdú ni a ó fi pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe fún ọmọdé nínú èkíní.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a mú ojú nìkan, nígbà tí orí ti yí díẹ̀. Kí a mú orí pẹ̀lú gèlè àti ọrùn títí dé kọ́là aṣọ, kí ojú ìsopọ̀ lè bọ́ sí ibi tí aṣọ gbé bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a sọ àwòrán di ńlá kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò: bí etí gèlè bá di méjì, bí ọrùn bá gé, tàbí bí òjìji bá wà ní èjìká aládùúgbò láìsí ohun tí ó dá a, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ohun kan wà tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe: kò lè la ojú ẹni tí ó dijú nínú gbogbo àwòrán. Nítorí náà, kí ayàwòrán wo àwọn ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kámẹ́rà kí ó tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn túká, kí ó sì tún yà wọ́n bí ojú ẹnì kan kò bá tíì rí bí ó ti yẹ.