Ohun Tí Eyín Irin Ń Ṣe fún Kọfí Tí Abẹ Kò Lè Ṣe

Bí oníbàárà bá gbé ata dé ibi ẹ̀rọ ìlọta lọ́jà, ẹni tó ń lọ̀ ọ́ á fọwọ́ yí ìdè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Bó bá dè é le, awo irin méjì tó ní eyín nínú ẹ̀rọ á súnmọ́ra, ata á kúná. Bó bá dẹ̀ ẹ́, àárín wọn á là, ata á sì jáde tòun ti ẹ̀rún. Blẹ́ńdà ilé kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Abẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a sì lè yí iye ìṣẹ́jú tí a fi tẹ̀ ẹ́ padà.

Irú ẹ̀rọ méjì yìí náà ni àwọn tó ń po kọfí oníhóró ń yàn láàárín wọn. (Kọfí inú agolo tó ń yọ́ sómi lójú ẹsẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilé iṣẹ́ ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti pò ó, wọ́n sì ti gbẹ omi ara rẹ̀.) Ẹ̀rọ alábẹ kò wọ́n, òun ló sì pọ̀ jù nínú ilé. Ẹ̀rọ eléyín wọ́n jù ú lọ dáadáa.

Nínú ẹ̀rọ alábẹ, kò sí ọ̀nà àbájáde. Ẹ̀rún tó ti kéré tó ṣì wà níbẹ̀, abẹ á tún gbá a, á tún gbá a, títí á fi di lúbúlúbú. Ní àkókò kan náà, hóró mìíràn ń fò lókè, ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri ife, abẹ kò tíì kàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ sí i, èyí tó tóbi á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lúbúlúbú á pọ̀ sí i. Ti eléyín yàtọ̀: bí ẹ̀rún bá ti kéré tó àlàfo àárín eyín méjèèjì, ó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àlàfo yẹn ló ń pinnu bó ṣe tóbi tó, kì í ṣe àkókò.

Kí ló wá kan ahọ́n? Omi gbígbóná kì í fa gbogbo èròjà kọfí jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kíkan ló máa ń tètè yọ́, adùn á tẹ̀lé e, èyí tó korò gan-an ló ń kẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà kan, Ernest Lockhart, ṣe ìwádìí lórí iye tó yẹ kí omi fà jáde. Ìwọ̀n tí àwọn apokọfí ṣì ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà ni ìdá 18 sí 22 nínú ìdá 100 ìwúwo kọfí náà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń kan. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó máa ń korò. Omi sì ń tètè wọ inú ẹ̀rún kékeré ju ńlá lọ.

Ká ní ẹnì kan da kọfí gíráàmù 15 sórí bébà asẹ́, ó sì rọra da omi gíráàmù 250 lé e. Bó bá jẹ́ pé alábẹ ló fi lọ̀ ọ́, lúbúlúbú á ti tú gbogbo ìkorò rẹ̀ sílẹ̀ kí omi tó dé inú ẹ̀rún ńlá. Lúbúlúbú yẹn tún lè dí ojú bébà, kí omi dúró gbagidi. Ife kan náà á wá máa kan, á sì máa korò pọ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò sí àtúnṣe tó já gaara: bó bá lọ̀ ọ́ kúná sí i nítorí kíkan, ìkorò á le sí i. Ẹni tó ní eléyín á kàn yí ìdè sí kíkúná díẹ̀ bó bá kan, tàbí kó dẹ̀ ẹ́ bó bá korò, kó fi omi àti kọfí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bó bá fi ìdè náà síbi kan náà lọ́la, ohun tó jọ tòní ló máa rí.

Èyí kò sọ pé eléyín ń lọ kọfí dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń mú lúbúlúbú wá, nítorí hóró kọfí gbígbẹ máa ń fọ́ yángá ni. Eléyín tí ọ̀pá àárín rẹ̀ ń mì kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju abẹ lọ, torí pé àlàfo rẹ̀ ń yí padà bó ṣe ń lọ̀. Kí olùrà di ọ̀pá náà mú, kó mì í sọ́tùn-ún sósì kó tó sanwó.

Ẹni tó ní alábẹ nílé kò ní láti sọ ọ́ nù. Kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó máa mi ife láàárín ìtẹ̀ kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà, kó tẹ́ díẹ̀ sórí bébà funfun, á rí lúbúlúbú àti ẹ̀rún ńlá lójú ara rẹ̀. Asẹ́ tíì tí ojú rẹ̀ há lè gbọn lúbúlúbú kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọfí díẹ̀ á bá a lọ. Yàtọ̀ sí èyí, kó rẹ kọfí náà sínú ìkòkò fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó sẹ́ ẹ, dípò kó máa da omi gba orí bébà. Omi kò ní dí níbẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú lúbúlúbú á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò.