Òògbé àti Àga: Àlàyé Lórí Áyátúl-Kúrúsíyù

Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Òun ni ẹsẹ 255 nínú Súrà kejì Àlùkùránì, èyí tí a ń pè ní Áyátúl-Kúrúsíyù. Nínú hàdíìsì kan tí Ìmáámù Músílímù gbà wọlé, Ànábì bi Ubayi ọmọ Kaabu léèrè ẹsẹ tí ó tóbi jù lọ nínú Ìwé Ọlọ́hun, ẹsẹ yìí ni Ubayi sì fi dáhùn. N kò ní lè tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni n ó dúró tì: òògbé àti àga.

Lẹ́yìn tí ẹsẹ náà ti sọ pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni ó wà, ó fún Un ní orúkọ méjì: Alààyè, àti Al-Kayúùmù. Inú ọ̀rọ̀ ìdúró ni orúkọ kejì ti jáde. Ẹni tí ó dá dúró, tí ohun gbogbo sì gbẹ́kẹ̀ lé fún ìdúró tiwọn, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́gán ni a wá gbọ́ pé òògbé kì í mú Un, oorun kì í sì í mú Un. Èdè Lárúbáwá pe ti àkọ́kọ́ ní síná, ó pe ti èkejì ní náúmù. Èdè tiwa kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì. Ẹni tí ó ń tòògbé ṣì lè máa gbọ́ ohùn ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sùn kò gbọ́ mọ́.

Kí ló dé tí òògbé fi ṣáájú? Bí a bá fẹ́ fi àìsí nǹkan yangàn, èyí tí ó tóbi ni a máa ń kọ́kọ́ mú kúrò, kí a tó kan kékeré. Al-Baidawi rí ìṣòro yìí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni ẹsẹ náà tẹ̀ lé, nítorí òògbé ní í ṣáájú oorun. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, “mú”, tí ó ní ipá nínú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé oorun gbé ènìyàn lọ. Oorun lè gbé ènìyàn lọ láìtòògbé rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti sẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí ọ̀rọ̀ “kì í” fi padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Al-Baidawi lọ.

Níbí ni àwọn onítàfúsíírù ti máa ń mú ìtàn Ànábì Músá wá. Wọ́n ní a béèrè bóyá Ọlọ́hun ń sùn, ni a kò bá jẹ́ kí Músá sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì fi ìgò méjì lé e lọ́wọ́. Ó ń tòògbé, ó ń ta jí, títí ìgò fi gbá ìgò, tí méjèèjì fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sánmà àti ilẹ̀ ìbá fọ́ bí Olùdìmú wọn bá sùn. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n Ibùnù Kasiiru, tí ó kú ní 1373, kò gbà á bí ọ̀rọ̀ Ànábì. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni ó ti wá, nítorí irú Músá kò lè ṣaláìmọ ohun bẹ́ẹ̀ nípa Olúwa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àga ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Ẹsẹ náà wí pé Kúrúsíyù Rẹ̀ gba sánmà àti ilẹ̀. Hasani ará Básírà ní ìtẹ́ náà, Árúṣì, ni. Àwọn kan ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ni níwájú ìtẹ́. A sì gbọ́ láti ẹnu Ibùnù Abaasi pé ìmọ̀ Ọlọ́hun ni. At-Tabari, tí ó kú ní 923, kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì sọ pé ìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ Àlùkùránì fara hàn fún. Ó rántí pé inú ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Lárúbáwá ti fa orúkọ ìwé tí a kọ ìmọ̀ sí yọ. Gbólóhùn tí ó ṣáájú gbè é lẹ́yìn, nítorí ìmọ̀ tí ẹ̀dá kò lè ká ni ó ń sọ. As-Samahuṣari, tí ó kú ní 1144, gba ọ̀nà mìíràn: ó ní àpèjúwe títóbi Ọlọ́hun lásán ni, kò sí àga, kò sí ìjókòó. Ibùnù Kasiiru ní àga wà, ó yàtọ̀ sí ìtẹ́, ìtẹ́ sì tóbi jù ú lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ náà wá nínú Àlùkùránì. Èkejì wà ní Súrà 38, ẹsẹ 34, lórí Ànábì Sulaimọ́nù, ibẹ̀ sì rèé, àga gidi ni. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé At-Tabari lágbára, kò yẹ kí olùtúmọ̀ kọ “ìmọ̀” sínú ẹsẹ fúnra rẹ̀. Inú àlàyé ni ìyẹn ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò fara mọ́ àwọn tí ń pè é ní “Ẹsẹ Ìtẹ́” lédè Yorùbá, nítorí Árúṣì ni ìtẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì sí nínú ẹsẹ yìí rárá. Ẹni tí ó bá kọ ìtẹ́ ti gbè sẹ́yìn Hasani láìmọ̀. Àga ni mo ń kọ.