Ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́

Ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́ ni kí alákòóso gbé apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ tí onítọ̀hún yóò fi ṣe é. Iṣẹ́ àti àṣẹ ni ó ń kúrò lọ́wọ́ alákòóso. Ìdáhùn fún àbájáde rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ pinnu iṣẹ́ tí yóò gbé sílẹ̀, ẹni tí yóò gbé e fún, àti bí yóò ṣe máa tọpinpin rẹ̀.

## Yíyan iṣẹ́

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí alákòóso kọ gbogbo ohun tí ó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Iṣẹ́ tí ó yẹ ní gbígbé sílẹ̀ ni èyí tí ó ń padà wá lemọ́lemọ́, tí ìlànà rẹ̀ ṣeé ṣàlàyé, tí a sì lè rí àṣìṣe inú rẹ̀ kí ó tó ba nǹkan jẹ́. Ìbáwí òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ àṣírí àti owó yíyá kì í sábà sí lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé búrẹ́dì kan tí ń lo àpò ìyẹ̀fun 10 lójúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ohun méjì ni ó ń gba àkókò alákòóso rẹ̀ jù: ríra ìyẹ̀fun àti pípinnu iye tí wọn yóò máa ta búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun ríra ṣeé gbé sílẹ̀, nítorí pé kíka àpò ni ó dá lé. Iye owó búrẹ́dì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í pinnu, èrè gbogbo ilé-iṣẹ́ ni yóò kàn.

## Yíyan ẹni

Ẹni tí ó sún mọ́ ọ̀ràn náà jù ni a sábà ń yàn. Bí a bá ń kó gbogbo iṣẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo tí a fọkàn tán, iṣẹ́ yóò wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nínú àpẹẹrẹ wa, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni ó ń ka àpò lálaalẹ́, nítorí náà òun ni ó yẹ kí ó máa béèrè ọjà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni yóò gbà á wọlé, òun kọ́ sì ni yóò san owó. Olórí àwọn tí ń po ìyẹ̀fun yóò bá a ka àpò tí ó dé, akápò yóò sì sanwó. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lè kọ 60 sílẹ̀ nígbà tí 55 dé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

## Ìwọ̀n àṣẹ

Ní ọdún 1974, William Oncken àti Donald Wass kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn *Harvard Business Review*, nínú èyí tí wọ́n ti pín ìdánúṣe òṣìṣẹ́ sí ìpele márùn-ún:

1. kí ó dúró títí a ó fi sọ ohun tí yóò ṣe;
2. kí ó béèrè ohun tí yóò ṣe;
3. kí ó mú àbá wá, lẹ́yìn náà kí ó ṣe é;
4. kí ó ṣe é, kí ó sì jábọ̀ lójú ẹsẹ̀;
5. kí ó ṣe é, kí ó máa jábọ̀ ní àkókò tí a dá.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ẹni tí ń ránni níṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìdánúṣe náà mọ. Bí ọjà bá ń gba ọjọ́ méjì kí ó tó dé, àpò 20 ni ilé búrẹ́dì náà yóò lò kí ó tó wọlé. A fi 10 kún un fún ìdádúró, ó di 30. Àṣẹ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ yóò wá lọ báyìí: nígbà tí àpò bá ku 30, kí ó béèrè 60, ṣùgbọ́n bí owó àpò kan bá fi ohun tí ó ju ₦1,000 lé sí ti ìgbà tí ó kọjá, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá.

## Títọpinpin

Fún ìgbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ yóò wà ní ìpele kẹta. Bí kò bá sí àṣìṣe, yóò bọ́ sí ìpele karùn-ún, yóò sì máa jábọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Alákòóso náà yóò sì máa ka àpò fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí 40 bá wà nílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí 60 wọlé ní Ọjọ́rú, tí wọ́n sì lo 50 títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 50 ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Bí ó bá bá 46, kí ó yẹ ìwé búrẹ́dì tí wọ́n yan wò kí ó tó fura sí ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé apá kan nínú ìlò ọjọ́ kan ni wọn kò kọ sílẹ̀.

Ewu mìíràn ni kí iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Oncken àti Wass fi í wé ọ̀bọ tí ń fò láti èjìká òṣìṣẹ́ sí ti alákòóso. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lè wá sọ pé, “Ọ̀gá, àwọn oníyẹ̀fun ò tíì gbé ọjà wá o.” Bí ọ̀gá bá fèsì pé, “Ẹ fi sílẹ̀, màá pè wọ́n,” ọ̀bọ ti fò. Bí ó bá ní, “Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí a ṣe?”, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Nígbà mìíràn, ìlànà ni ó ní àléébù, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí ìlò bá di àpò 15 lójúmọ́ nígbà ọdún, 30 yóò tán ní ọjọ́ méjì péré, kò sì ní sí èyí tí ó kù fún ìdádúró. 45 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lè ta ọ̀gá lólobó, ṣùgbọ́n yíyí òṣùwọ̀n yìí padà ṣì jẹ́ iṣẹ́ alákòóso.