Fọ́tò Tó Tú Àṣírí Ewé Ìyá Àgbà

Ọmọbìnrin kan ya fọ́tò ewé dóńgóyárò tí ìyá àgbà rẹ̀ ń sè fún ibà, ó sì fi han olùkọ́ rẹ̀.

“Èyí kì í ṣe dóńgóyárò,” ni olùkọ́ wí. “Ọ̀pá ewé yìí tún pẹ̀ka kó tó so ewé wẹ́wẹ́. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ti dóńgóyárò, ewé wẹ́wẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.”

Ó délé. “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, irú òdòdó wo ni igi yín ń yọ?”

“Elésè àlùkò ni, ọmọ mi.”

Funfun ni ti dóńgóyárò. Mẹ́líà ni wọ́n ti ń sè, ìbátan rẹ̀ tí èso rẹ̀ ní májèlé. Ẹ yẹ ọ̀pá ewé àti òdòdó wò kí ẹ tó sè é.