Olóògbé Ti Lọ, Owó Ṣì Ń Yọ

Bí baálé ilé kan bá kú ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, kíá ni wọ́n á ti ránṣẹ́ sí ẹbí, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, àti sí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Kò sẹ́ni tó ń rántí ránṣẹ́ sí Netflix. Ìgbà míì, kí wọ́n tó tú kánópì òkú, fóònù olóògbé á ti dún lórí tábìlì. Alẹ́ẹ̀tì ni: báńkì ti yọ owó fíìmù oṣù tuntun.

Kì í ṣe gbogbo owó oṣooṣù ló ń ṣe báyìí. DStv kò le rárá fún ọ̀pọ̀ ilé, nítorí ẹni tó bá san owó oṣù kan, oṣù yẹn náà ló máa wò. Bí kò bá san mọ́, àwòrán á kúrò, kò sì sí gbèsè kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná tí wọ́n ń ra káàdì sí. Èyí tó ń yọ ẹbí lẹ́nu ni owó tí olóògbé ti fi nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ sílẹ̀ fún, tó ní kí wọ́n máa mú un fúnra wọn: fíìmù, orin, àyè ìkó-fọ́tò-pamọ́, áàpù tó ń yọ owó ìfipamọ́ lójoojúmọ́, àti owó tí ilé-iṣẹ́ ayánilówó ń gbà nínú àkáǹtì lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Fóònù Android ló ń lò, ó sì ti sọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i fún àkọ́bí rẹ̀ obìnrin nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ohun mẹ́ta ló ń yọ owó rẹ̀: Netflix tó ń san fún àwọn ọmọ-ọmọ, Google One tí fọ́tò rẹ̀ wà, àti owó tó yá ní ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan.

Ibi tí ọmọ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ni inú fóònù. Bó bá lọ bèèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì ní báńkì, wọ́n á ní kó lọ gba ìwé àṣẹ wá ní ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n àwọn alẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kó ka ti ọdún kan ó lé oṣù kan sẹ́yìn, torí àwọn owó kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yọ. Orúkọ tí yóò rí kì í sábà jọ orúkọ ohun tí wọ́n rà: `NETFLIX.COM` hàn gbangba, àmọ́ ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `GOOGLE *` lè jẹ́ àyè fọ́tò tàbí áàpù èyíkéyìí tí wọ́n san owó rẹ̀ lórí Play Store. Ẹni tó ń lo aifóònù á rí `APPLE.COM/BILL`. Kó kọ gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ń yọ.

Netflix ni kó kọ́kọ́ mú kúrò. Ó máa wọ ojú ìwé àkáǹtì náà, á tẹ `Cancel Membership`, ímeèlì á sì wọlé tó máa sọ ọjọ́ tí ohun gbogbo parí. Àwọn ọmọ á ṣì lè wo fíìmù títí oṣù tí wọ́n ti san yóò fi pé. Áàpù tí wọ́n san owó rẹ̀ lórí Play Store ní ọ̀nà tirẹ̀: kó tẹ àwòrán bàbá lókè, lẹ́yìn náà `Payments & subscriptions`, kó wá mú `Subscriptions`. Lórí aifóònù, `Settings` ni, lẹ́yìn náà orúkọ olóògbé, lẹ́yìn náà `Subscriptions`. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ènìyàn pa áàpù rẹ́ kúrò lórí fóònù, kó sì rò pé ó parí. Áàpù lọ, owó ò dúró.

Google One ni kó fi kẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì wà. Gígábáìtì 15 ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́tò àti ímeèlì ló sì jọ ń lò ó. Bí ohun tí bàbá kó pamọ́ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyè tó ń sanwó fún sì ti lọ, Gmail rẹ̀ ò ní gba lẹ́tà tuntun mọ́. Gbogbo ímeèlì tó yẹ kó fi hàn pé Netflix àti àwọn yòókù ti dúró kò ní rí ibi wọ̀. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, Google lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn nǹkan náà rẹ́. Nítorí náà, kó kó fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà ná, kó parí iṣẹ́ ímeèlì, kó tó tẹ `Cancel subscription`.

Síìmù bàbá náà ò gbọ́dọ̀ sọnù nínú aáwọ̀ ogún pínpín, nítorí orí rẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà. Síìmù tí wọn ò bá lò rárá fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè ti í pa, wọ́n sì lè padà fún ẹlòmíì.

Báńkì wá ńkọ́? Kí ó lọ, kó má pẹ́, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ikú láti Àjọ Ìkànìyàn. Wọ́n á dí àkáǹtì náà, kò sì ní sí owó tó máa jáde títí tí ilé ẹjọ́ gíga fi máa fún àwọn alábòójútó ogún ní ìwé àṣẹ. Orúkọ ìbátan tó wà nínú fọ́ọ̀mù báńkì kò túmọ̀ sí pé onítọ̀hún ló ni owó. Àwọn kan máa ń fi ikú pa mọ́ kí wọ́n lè máa fi káàdì olóògbé gba owó. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù, ẹjọ́ ló ń bí.

Dídí tí báńkì dí àkáǹtì kò fagi lé ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Owó kò kàn ní jáde níbẹ̀ mọ́ ni. Bí bàbá bá ti fi káàdì báńkì kejì ṣe àfẹ̀yìntì lórí Play Store, ibẹ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́. Ti ayánilówó sì yàtọ̀ pátápátá: kò sí bọ́tìnì tó lè pa gbèsè. Kí ọmọ náà kọ lẹ́tà sí wọn pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ikú, kó ní kí wọ́n kọ iye tó kù ránṣẹ́, kó sì bèèrè bóyá ìbánigbófò wà lórí rẹ̀. Inú ogún ni wọ́n á ti san èyí tó bá kù. Kí ó má fi orúkọ ara rẹ̀ buwọ́ lu ìwé tó máa sọ ọ́ di onígbèsè.

Bí kò bá sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Kí wọ́n má ṣe máa méfò, torí fóònù lè ti ara rẹ̀ pa. Netflix lè fagi lé e bí ẹbí bá kàn sí wọn tí wọ́n sì fún wọn ní ímeèlì olóògbé àti àlàyé nípa káàdì tó fi ń sanwó. Google náà ní fọ́ọ̀mù tí ẹbí lè fi bèèrè pé kí wọ́n ti àkáǹtì ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ẹni tó ṣì wà láàyè lè mú kó rọrùn: `Inactive Account Manager` ti Google gbà kí ènìyàn yan ẹni tó pọ̀ tó 10, tí Google máa sọ fún bí àkáǹtì bá dákẹ́ fún oṣù 3 sí 18.

Nígbà tí oṣù bá yípo, kí ọmọ náà tún wo ímeèlì àti alẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀. Bó bá rí ímeèlì pé owó kò wọlé, kí wọ́n wá káàdì míì fi sí i, ohun tó rò pé ó ti fagi lé ṣì wà níbẹ̀. Kó má tẹ ohunkóhun nínú ímeèlì yẹn, nítorí àwọn oníjìbìtì máa ń kọ irú rẹ̀. Kó gba ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà wọlé fúnra rẹ̀, kó lọ fagi lé e níbẹ̀.