Ìkòkò Amọ̀ àti Ínsúlínì: Bí A Ṣe Lè Pa Oògùn Àtọ̀gbẹ Mọ́ Nígbà Tí Kò Sí Iná

Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún, yàrá tí ó wà lábẹ́ páànù tí kò ní àjà ní Màpó, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba tàbí Bẹyẹrúnkà kì í ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará wa kan tí ó ní àtọ̀gbẹ ń fi ínsúlínì wọn pamọ́ sí. Bí iná bá sì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí wọ́n máa ń bẹ̀rù ni pé oògùn náà ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú ìgò tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ìgò tí a kò tíì ṣí, tí a fẹ́ pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, níbi tí ooru rẹ̀ wà láàrin 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti ṣí tí a sì ń lò kò pọn dandan kí ó wà nínú fíríìjì. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a lè lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ibi tí ó wà kò bá ju 30 lọ. Iye ọjọ́ tí ó tọ́ sí tiyín wà nínú ìwé tí ó wà nínú páálí rẹ̀.

Nítorí náà, ìṣòro náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń ra oògùn. Ká ní ìyá àgbà kan ní Bẹyẹrúnkà ń gba 26 yúníìtì láàárọ̀ àti 14 lálẹ́, ìyẹn 40 lóòjọ́ (àpẹẹrẹ lásán ni èyí, dókítà ni ó ń sọ iye tí ẹnikẹ́ni yóò gbà). Yúníìtì 1,000 ni ó wà nínú ìgò mílílítà 10 tí ó wọ́pọ̀. Ọjọ́ 25 ni yóò lò ó tán, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Bí ó bá ra ìgò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nítorí owó ọkọ̀, méjì yóò máa jókòó sínú ooru láìṣí. Bí ó bá ń ra ẹyọ kan ṣoṣo, ilé oògùn tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa bá a tọ́jú ìyókù. Ẹni tí ó ń lo 20 péré lóòjọ́ yóò ní oògùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgò tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, kò sì gbọdọ̀ lò ó mọ́. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá èyí tí ó kéré, tí ó jẹ́ mílílítà 3, bá a mu. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sí ara rẹ̀.

Bí a ó ṣe wá mú kí ibi tí ìgò náà wà tutù, àmù àwọn ìyá wa ti kọ́ wa. Omi tí ó ń jáde lára amọ̀, tí atẹ́gùn ń gbé lọ, ni ó ń gba ooru kúrò nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òógùn ti ń tù wá lára. Ọmọ Nàìjíríà kan láti Jigawa, olùkọ́ Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rólẹ́ẹ̀sì ní ọdún 2000 fún ìkòkò-nínú-ìkòkò tí ó ṣe kí ohun ọ̀gbìn má bàa tètè bàjẹ́. Ẹ wá ìkòkò ńlá kan àti kékeré kan, tí a kò fi ọ̀dà kùn. Ẹ da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ńlá, ẹ gbé kékeré lé e, ẹ sì fi yanrìn dí àlàfo tí ó yí i ká, kí ó nípọn tó ìka méjì. Ẹ máa bu omi sí yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi ìgò oògùn sínú ike tí ó ní ìdérí kí omi má bàa kàn án, ẹ gbé e sínú ìkòkò kékeré, kí ẹ sì fi aṣọ tútù bò ó. Òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni àyè rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ààrò, kì í sì í ṣe inú àpótí.

Nígbà ọ̀dá àti ọyẹ́ ni ìkòkò yìí ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Lásìkò òjò, omi ti pọ̀ nínú atẹ́gùn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru fúnra rẹ̀ dín kù nígbà náà. Ẹni tí ó bá lè ra òṣùwọ̀n ooru kékeré kan kí ó fi sínú rẹ̀ yóò mọ òótọ́ ibẹ̀.

Bí ooru bá kọjá 30 fún wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án ńkọ́? Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Jẹ̀nífà àti ẹgbẹ́ dókítà tí a mọ̀ sí Médecins Sans Frontières tẹ àbájáde ìwádìí jáde, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti àgọ́ àwọn asásálà ní Dagahaley, ní Kenya. Wọ́n jẹ́ kí ooru ibi tí ínsúlínì wà máa lọ sókè-sódò láàrin 25 sí 37 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, agbára rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti èyí tí ó wà nínú fíríìjì. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí pé iná lọ lánàá kí ó má gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lónìí.

Ohun tí ó burú ju ooru lọ ni dídì. Ọ̀pọ̀ a máa gbé ìgò sún mọ́ ibi tí ń sọ omi di yìnyín nígbà tí iná bá dé, tàbí kí wọ́n tì í mọ́ yìnyín nínú kúlà. Ínsúlínì tí ó ti dì kò ṣeé lò mọ́, kódà bí ó bá tún yọ́. Èyí tí ó máa ń mọ́ gaara bí omi kò gbọdọ̀ dà rú. Èyí tí ó máa ń funfun bí wàrà, ẹ rọra yí i láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì: bí ó bá ṣì ní kókó, tàbí tí nǹkan lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ má lò ó. Àmọ́ ojú kì í sábà rí èyí tí ooru bà jẹ́. Bí ṣúgà bá ń lọ sókè, tí oúnjẹ àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kò sì yí padà, ẹ fura sí ìgò náà, ẹ wá òmíràn, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín. Bí òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ bá ti di èébì tàbí mímí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì mú ìgò náà dání.